Nígbà tí ọjọ́ owó bá bọ́ sí ọlidé: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yan ọjọ́ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà lẹ́bàá Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Tíṣà ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ àwọn ìyá tó ń ta èlùbọ́ náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí oṣù bá parí, kọ̀ǹpútà á to orúkọ gbogbo ẹni tó yá owó sínú fáìlì kan, á fi ránṣẹ́ sí báǹkì, òṣìṣẹ́ báǹkì á wá yọ owó oṣù náà kúrò nínú àkáǹtì oníkálukú. Nígbà tí mo kọ prógíráámù rẹ̀, àárọ̀ kan péré ni mo fi ṣe é. Mo tilẹ̀ fi yangàn.

Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ìyá kan nínú ẹgbẹ́ pè mí. Kò kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ yọ owó mi lóṣù yìí. Lóṣù tó kọjá ńkọ́, ẹ ò yọ kọ́bọ̀, ẹ wá ní kí n san owó ìtanràn pé mi ò san gbèsè!" Òótọ́ ni ìyá sọ. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ṣẹlẹ̀ sí. Nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Má ṣe ní kí `cron` bá ọ ro ọjọ́ iṣẹ́

Èyí ni ìlà tí mo kọ́kọ́ kọ fún `cron`, ohun tó ń jí prógíráámù ní àsìkò tí a bá dá fún un:

```
0 8 31 * 1-5  /usr/bin/python3 /opt/egbe/yo_owo.py
```

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, bí ọjọ́ náà bá bọ́ sáàárín ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni `cron` ṣe ń kà á. Bí o bá fi nọ́ńbà sí àyè ọjọ́ oṣù, tí o tún fi sí àyè ọjọ́ ọ̀sẹ̀, èyíkéyìí nínú méjèèjì tó bá ṣẹ, ó ti tó fún un láti ṣiṣẹ́. Ìlà yẹn ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ó tún wá ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọlọ́run ló yọ mí, torí pé fáìlì ìdánwò ló ń rán nígbà yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oṣù márùn-ún ni kò ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n rárá.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo jẹ́ kí `cron` máa jí prógíráámù náà lójoojúmọ́ pẹ̀lú `0 8 * * *`, kí prógíráámù fúnra rẹ̀ wá béèrè bóyá òní ni ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. `cron` mọ aago, kò mọ ọlidé.

Má ṣe kọ "bí òní bá jẹ́ ọlidé, jáde"

Àwọn tó bá ti jí prógíráámù wọn lójoojúmọ́ sábà máa ń ṣubú síbí. Wọ́n á kọ ọ́ pé bí òní bá jẹ́ ọjọ́ tó parí oṣù, kó yọ owó. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi àyẹ̀wò ọlidé síwájú rẹ̀ pé bó bá jẹ́ ọlidé kó jáde. Ní ọjọ́ ọlidé, yóò jáde lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì, kì í ṣe ọjọ́ tó parí oṣù mọ́, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Fífò ni wọ́n fò ó, wọ́n rò pé àwọ́n sún un síwájú. Kò sì sí àmì àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà. Àfi kí akápò máa wojú àkáǹtì.

Kì í ṣe pé fífò burú o. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ìròyìn owó ojoojúmọ́ tí akápò ń kà láàárọ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á lọ́jọ́ Iléyá, ẹ fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "àná" nínú rẹ̀. Bí ìròyìn náà bá ń kó owó àná nìkan, lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin, owó ọjọ́ kan péré ló máa hàn, owó ọjọ́ mẹ́rin á sì wọmi. Ẹ jẹ́ kó kó owó láti ìgbà tí ìròyìn tó kẹ́yìn ti jáde. Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń rán ọmọ ẹgbẹ́ létí, kò sídìí láti fò ó tàbí sún un. Fóònù kì í gba ọlidé.

Má ṣe sún un síwájú títí tó fi bọ́ sínú oṣù mìíràn

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìyá yẹn wà. Ọjọ́ Ajé ni 31 Oṣù Kẹta ọdún 2025. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀ ni Ìtúnu Ààwẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fi ọjọ́ Ajé yẹn àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin, sílẹ̀ fún ìsinmi. Prógíráámù mi ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gan-an. Ó wo ọjọ́ Ajé, ọlidé ni. Ó wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọlidé ni. Ó wá yọ owó lọ́jọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin. (Ó dáa pé mo ti kọ ọ́ kó máa wò lọ títí. Ẹlòmíràn á fi ọjọ́ kan kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì tún bọ́ sínú ọlidé kejì.) Nígbà tó tún di 30 Oṣù Kẹrin, ọjọ́ iṣẹ́ ni, ó tún yọ owó. Ìyọkúrò méjì wọ Oṣù Kẹrin, Oṣù Kẹta ṣófo. Apá tó ń bu owó ìtanràn wò, ó rí i pé ẹnikẹ́ni kò san ti Oṣù Kẹta, ó bu ú lé gbogbo wọn lórí.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ owó ní òfin kan fún irú èyí: sún un sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, àfi bí yóò bá kọjá sínú oṣù mìíràn; bó bá fẹ́ kọjá, padà sí ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí, `olide` ni àkójọ àwọn ọjọ́ ọlidé:

```python
from datetime import timedelta

def ise(d):
    return d.weekday() < 5 and d not in olide

def ojo_gangan(d):
    e = d
    while not ise(e):
        e += timedelta(days=1)
    if e.month != d.month:
        e = d
        while not ise(e):
            e -= timedelta(days=1)
    return e
```

Pẹ̀lú èyí, 31 Oṣù Kẹta 2025 á padà sí ọjọ́ Ẹtì, 28. Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi akápò léèrè. Akápò tiwa ní bí owó oṣù tíṣà ò bá tíì wọlé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, inú àkáǹtì òfìfo ni báǹkì máa na ọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ kóòdù.

Má ṣe fi ọjọ́ tí iṣẹ́ ṣẹlẹ̀ pe orúkọ oṣù

Bí mo bá ní kí n mú àṣìṣe kan ṣoṣo, èyí ni mo máa mú. Owó Oṣù Kẹta ni kọ̀ǹpútà yọ ní 2 Oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wà lójú aago ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Ká ní mo ti kọ `2025-03` sára ìyọkúrò náà látìbẹ̀rẹ̀ ni, owó ì bá pẹ́ ọjọ́ méjì, ẹnikẹ́ni kì bá sì san ìtanràn. Ọjọ́ méjì ló yẹ kó wà nínú ìwé: oṣù tí owó wà fún, àti ọjọ́ tí a yọ ọ́.

Orúkọ oṣù yẹn náà ló ń dá yíyọ lẹ́ẹ̀mejì dúró. Báyìí, láàárọ̀ ojoojúmọ́, prógíráámù á béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ọjọ́ iṣẹ́ ni òní, ṣé ọjọ́ gangan ti dé tàbí ó ti kọjá, ṣé a ò tíì yọ ti oṣù tó ni ọjọ́ gangan náà? "Tàbí ó ti kọjá" yẹn ṣe pàtàkì. Bí iná bá lọ tí sáfà kú lọ́jọ́ náà, yóò yọ ọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, á sì kọ orúkọ oṣù tó tọ́ sí i lára.

Má ṣe kọ ọlidé sínú kóòdù kó o sì lọ sùn

1 Oṣù Kìíní, 1 Oṣù Karùn-ún, 12 Oṣù Kẹfà, 1 Oṣù Kẹwàá, 25 àti 26 Oṣù Kejìlá kì í yẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì Rere àti ọjọ́ Ajé Àjíǹde ń yí kiri, ṣùgbọ́n a lè ṣírò wọn sílẹ̀. Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá àti Máólúdì ni kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà fún, torí oṣù tí a fojú rí ló ń pinnu, àti ìkéde ìjọba, tó lè kù díẹ̀ kọ́jọ́ pé kó tó jáde. Ní 2024, ọjọ́ Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 Oṣù Kẹrin ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kéde fún Ìtúnu Ààwẹ̀. Wọ́n ò rí oṣù, wọ́n bá fi Ọjọ́bọ̀ 11 kún un. Ẹni tó bá ti kọ ọjọ́ méjì sínú kóòdù rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ yẹn á fi fáìlì ránṣẹ́ sí báǹkì tó ti tì.

Inú fáìlì lásán ni mo ń kọ wọ́n sí, ọjọ́ kan lórí ìlà kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ sì lè ṣí i kó fi kún un láìpè mí. Bí ọdún tó ń bọ̀ ò bá sí nínú fáìlì náà, prógíráámù kì í ṣiṣẹ́, á máa pariwo ni. Fáìlì tó ṣófo máa ń ṣe bí ẹni pé kò sí ọlidé kankan láyé.

Ẹ tún bi ara yín pé ọlidé ta ni. Ní 20 Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi, ṣùgbọ́n ọlidé ìpínlẹ̀ kì í ti báǹkì. Níwọ̀n bó ti jẹ́ báǹkì ló ń yọ owó, ti ìjọba àpapọ̀ ni mo ń tẹ̀ lé fún ìyọkúrò. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ní fáìlì tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago, ní kúkúrú: sáfà tó ń lo UTC fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Bí iṣẹ́ yín bá ń lọ ní aago méjìlá àbọ̀ òru, sáfà ṣì wà ní àná, àná náà ló sì ń wò bóyá ọlidé ni. Ẹ fi `Africa/Lagos` sí i.

Láti dán iṣẹ́ yín wò, ẹ fún un ní 31 Oṣù Kẹta ọdún 2024. Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọlidé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti wà nínú Oṣù Kẹrin. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìyẹn ni Ẹtì Rere. Ọjọ́bọ̀ 28 ló yẹ kó dáhùn. Bó bá ní 29, Ẹtì Rere ò sí nínú fáìlì yín. Bó bá ní 2 Oṣù Kẹrin, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń bọ̀ wá pè yín.