Pàṣípààrọ̀ ṣíìfù ní wọ́ọ̀dù: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìlànà tí à ń kọ lé e lórí

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni tí kò tóbi, níbi tí nọ́ọ̀sì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti ń ṣe wọ́ọ̀dù kan, gbogbo ìlànà pàṣípààrọ̀ ṣíìfù kì í ju gbólóhùn kan lọ: "Òṣìṣẹ́ lè pààrọ̀ ṣíìfù bí mátírọ̀n bá yọ̀ǹda." Gbólóhùn náà kúrú, ó sì dùn-ún kà, àmọ́ kò ní ìdáhùn kankan fún aago 8 alẹ́ ọjọ́ tí ẹni tí a ń retí kò yọjú. Wọ́ọ̀dù onísíìfù mẹ́ta la ó fi ṣe àpẹẹrẹ: òwúrọ̀ láti aago 8 sí aago 2, ọ̀sán láti aago 2 sí aago 8, alẹ́ láti aago 8 di aago 8 àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Má ṣe fi ẹni tó ni ṣíìfù sílẹ̀ láìsọ

Èyí ló ń fa ìjà jù. Lágbájá bẹ Lámọrín pé kó bá òun ṣe alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Lámọrín ní kò burú. Alẹ́ dé, kò sẹ́ni tó wá. Lágbájá ní òun ti gbé e fún Lámọrín. Lámọrín ní mátírọ̀n ò tíì fọwọ́ sí i, òun ò mọ̀ pé ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago 2 ọ̀sán ló wá ń tọ́jú aláìsàn di òru. Bí ìlànà kò bá sọ ìgbà gan-an tí ṣíìfù kúrò lọ́rùn ẹnì kan tó sì bọ́ sọ́rùn ẹnì kejì, àwọn méjèèjì ló ní àwíjàre, mátírọ̀n kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi dá ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni láìṣe ojúsàájú.

Kọ ọ́ báyìí: "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rósítà ara ògiri ló ni ṣíìfù. Pàṣípààrọ̀ kò tíì wáyé títí mátírọ̀n yóò fi fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, tí yóò sì yí orúkọ padà lórí rósítà. Láti ìgbà náà, ẹni tuntun ló ni ín pátápátá. Bí kò bá lè wá, òun ni yóò sọ fún mátírọ̀n."

Àwọn kan máa ń fi kún un pé bí ẹni tuntun kò bá wá, àwọn méjèèjì ni yóò jìyà. Ó jọ pé ó le, àmọ́ ó ń ba iṣẹ́ jẹ́: ẹni tó ti ṣe gbogbo ohun tí ìlànà ní kó ṣe yóò ṣì máa jẹ̀bi ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Láìpẹ́, kò sẹ́ni tí yóò kọ fọ́ọ̀mù mọ́, wọn yóò kàn máa bára wọn sọ ọ́ níkọ̀kọ̀. Bí ara ẹni tuntun kò bá yá lẹ́yìn ìfọwọ́sí, kí a ṣe é bí àìsàn ẹnikẹ́ni tó wà lórí rósítà. Kí a má pe ẹni àkọ́kọ́ padà.

Kí rósítà tí a gbà sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Gúrúùpù Wáásáàpù dára fún wíwá ẹni tí yóò bá ni pààrọ̀, àmọ́ kó má jẹ́ ẹ̀rí pé pàṣípààrọ̀ wáyé. Nígbà tí fọ́tò rósítà ọjọ́ Ajé bá ṣì wà lórí fóònù, tí ti ara ògiri sì ti yí padà ní Ọjọ́rú, kálukú á máa ka èyí tó bá a lára mu.

Má kọ "bí mátírọ̀n bá rí i pé ó yẹ," kí o sì dúró níbẹ̀

Ẹni méjì lè mú irú ìbéèrè kan náà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ọ̀kan rí bẹ́ẹ̀ ni gbà, kí èkejì gba bẹ́ẹ̀ kọ́. Mátírọ̀n lè ní ìdí tó dáa, ṣùgbọ́n tí ìdí náà kò bá sí nínú ìwé, ojúsàájú ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò pè é. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló yẹ kí ìfọwọ́sí dá lé. Ṣé ipò àti ìmọ̀ àwọn méjèèjì dọ́gba fún ṣíìfù náà? Ṣé àwọn méjèèjì ṣì ní ìsinmi tó yẹ? Ṣé wákàtí wọn dọ́gba títí rósítà náà yóò fi parí? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mátírọ̀n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, kó kọ èyí tó já sí bẹ́ẹ̀ kọ́ sórí fọ́ọ̀mù.

Lórí ipò àti ìmọ̀, má kàn kọ "nọ́ọ̀sì fún nọ́ọ̀sì." Nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà kò lè bá olùrànlọ́wọ́ tí kò ní in pààrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí èèyàn méjì péré ti ń ṣe alẹ́: bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ agbẹ̀bí, tó sì pààrọ̀ pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe agbẹ̀bí, iye èèyàn pé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbẹ̀bí ní òru yẹn.

Yọ àyè "ìdí" kúrò lórí fọ́ọ̀mù. Tí o bá fi í síbẹ̀, ó ti sọ mátírọ̀n di adájọ́ lórí ìgbésí ayé àwọn èèyàn: ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ta ló ṣe pàtàkì ju ìdánwò ọmọ ta lọ? Wọ́ọ̀dù kò nílò ìdáhùn ìyẹn. Ohun tó nílò ni ẹni tó kúnjú ìwọ̀n, tó sì ti sinmi.

Má wo ṣíìfù méjèèjì tí wọ́n ń pààrọ̀ nìkan

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Lágbájá àti Lámọrín, kí a sì gbà pé wọ́n kọ fọ́ọ̀mù dáadáa. Lámọrín yóò ṣe alẹ́ Ọjọ́bọ̀ fún Lágbájá. Lágbájá yóò ṣe òwúrọ̀ Àbámẹ́ta fún un. Ipò wọn dọ́gba. Lórí fọ́ọ̀mù tó ní ìlà méjì, kò síbi tí àbùkù wà.

Wá wo rósítà Lámọrín. Ó ti ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tirẹ̀, aago 2 sí 8. Alẹ́ tó gbà bẹ̀rẹ̀ láti aago 8 yẹn, ó sì parí ní aago 8 àárọ̀ Ẹtì. Òwúrọ̀ Ẹtì sì tún jẹ́ tirẹ̀, títí di aago 2. Láti aago 2 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ di aago 2 ọ̀sán Ẹtì, odindi wákàtí 24, nọ́ọ̀sì kan náà ló ń fúnni lóògùn. Fọ́ọ̀mù kò fi hàn torí pé kò béèrè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí fọ́ọ̀mù ní àyè fún ṣíìfù tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kọ iye wákàtí ìsinmi sí i. Wákàtí 11 jẹ́ òdiwọ̀n tó dáa. Òun náà ni òfin àkókò iṣẹ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1998 fi sáàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan sí èkejì. Àmọ́ dán an wò lórí rósítà tìrẹ kó o tó kọ ọ́. Ní wọ́ọ̀dù àpẹẹrẹ wa, ẹni tó parí ọ̀sán ní aago 8 lè ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, torí wákàtí 12 ló wà láàárín wọn. Tí ọ̀sán bá ń parí ní aago 9 ní ọ̀dọ̀ rẹ, tí òwúrọ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 7, wákàtí 10 péré ni. Rósítà tí ìwọ fúnra rẹ ṣe ti rú òfin rẹ nìyẹn, kò sì sí bí wàá ṣe fi dá ẹnikẹ́ni dúró.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 13, tún fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 ó kéré tán nínú ọjọ́ 7. Òṣìṣẹ́ tí òfin yẹn ń sọ ni oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù àtàwọn tó wà nídìí káàdì ń lo ìlànà kan náà. Fi ọjọ́ ìsinmi yẹn sí i fún gbogbo èèyàn.

Má jẹ́ kí gbèsè wákàtí wà lẹ́nu lásán

Nínú àpẹẹrẹ kan náà, Lámọrín gba wákàtí 12, Lágbájá dá 6 padà. Wákàtí 6 ṣì kù. Níbi tí owó oṣù kò ti ń yí padà, kò sẹ́ni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò di "wàá bá mi ṣe é nígbà míì." Oṣù méjì lẹ́yìn náà, olówó ń bínú, onígbèsè ti gbàgbé, mátírọ̀n sì ń parí ìjà tí kò mọ orísun rẹ̀.

Kọ ọ́ pé alẹ́ fún alẹ́ ni, tàbí alẹ́ kan fún ọ̀sán tàbí òwúrọ̀ méjì; pé orí fọ́ọ̀mù kan náà ni ìdápadà yóò wà; àti pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí láàárín rósítà ọ̀sẹ̀ 4 tó ń lọ lọ́wọ́. Àjẹmọ́nú iṣẹ́ alẹ́ jẹ́ ti ẹni tó ṣe alẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹni mẹ́ta ló ń pààrọ̀ yípo, kí ó jẹ́ fọ́ọ̀mù kan pẹ̀lú ìfọwọ́sí mẹ́ta, kí a gbà á lódindi tàbí kí a kọ̀ ọ́ lódindi. Bí a bá gba ìdajì rẹ̀, ṣíìfù kan yóò ṣófo.

Má ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, má sì fi owó ṣe ìyà

Wákàtí 48 ṣáájú ṣíìfù tó fún ìbéèrè, wákàtí 24 sì tó fún ìdáhùn. Sọ ẹni tó ń fọwọ́ sí i nígbà tí mátírọ̀n bá wà ní ìsinmi, kó o sì kọ ọ́ pé bí ìdáhùn kò bá dé, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, kí nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù ní wákàtí yẹn béèrè ìbéèrè mẹ́ta kan náà lórí fóònù, kó yí orúkọ padà lórí rósítà, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ọ̀dù. Ìlànà tí kò ní ọ̀nà yìí ń kọ́ èèyàn láti fi pàṣípààrọ̀ pa mọ́.

Owó ìtanràn wọ́pọ̀, ó sì léwu: abala 5 Òfin Iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ yọ ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Ìkìlọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ni kó o lò. Sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó pààrọ̀ láìgbàṣẹ ni a ó kọ sílẹ̀ pé kò wá síṣẹ́, kódà bí ẹlòmíràn bá dúró fún un, kí ẹni tó dúró náà sì gba ìkìlọ̀ tirẹ̀.

Kọ ọ́ kedere pé kíkọ̀ láti gba ṣíìfù ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, torí ó ṣòro fún àbúrò nínú iṣẹ́ láti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé òun ò ní lè ṣe é. Pàṣípààrọ̀ mẹ́ta nínú rósítà kan tó, ẹni tó béèrè nìkan sì ni kí a kà á sí lọ́rùn. Bí orúkọ kan náà bá ń kan mẹ́ta yẹn léraléra, bá ẹni náà jókòó lórí rósítà rẹ̀ kó o tó kọ ìkìlọ̀ kankan.

Kí ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó gbogbo pàṣípààrọ̀ ọ̀sẹ̀ 4 tó kọjá jọ, kó o fún mátírọ̀n àti igbákejì rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú fi ìwé tuntun náà dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí ìdáhùn wọn bá ti yàtọ̀, gbólóhùn ibẹ̀ ni kó o tún kọ.