Bí mo ṣe tún ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn mi ṣe kí n tó fi ránṣẹ́

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ṣaláìsí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá arúgbó ni wọ́n. Ohun tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ sórí fóònù nìyí:

"O ku ofo. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ ti kú. Ó jẹ́ èèyàn dáadáa. Ọlọ́run á tù ẹ nínú."

Mo kà á, kò dùn-ún gbọ́ létí mi. Mo fi àdúrà kún un, ó kàn gùn sí i ni. Mo da ti ẹlòmíì kọ, ó wá dà bí ìkéde.

Mo fi han ẹ̀gbọ́n kan ní ọ́fíìsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ta ni 'ó' yẹn? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni màmá ni?" Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi, "o" tọ́ sí i, ṣùgbọ́n "wọ́n" ni ti ìyá rẹ̀. "Kú" le jù fún àgbà. "Ofo" tí kò lámì, èèyàn lè kà á sí òfo. "Tù ẹ" náà, ohùn òkè ló yẹ kó wà lórí "ẹ́".

Èyí tí mo fi ránṣẹ́:

"O kú ọ̀fọ̀ màmá. Mo gbọ́ pé wọ́n ti lọ sinmi. Wọn kì í jẹ́ kí n kúrò nílé yín láìjẹun. Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú, ẹ̀yìn wọn á dára."

Mo fi "àṣẹ̀yìndè" pa mọ́ di ẹ̀yìn ìsìnkú. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, "ẹ̀yìn wọn á dára" yẹn ò ní bá a mu.