Dúdú, pupa àti àfín: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa àwọ̀ ara tó máa ń da ilé rú

Ẹ wo ẹgbẹ́ kan péré nínú àwọn régbérégbé tó máa ń tò lọ́jọ́ Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde. Aṣọ kan náà, fìlà kan náà, ọmọ Ìjẹ̀bú ni gbogbo wọn, síbẹ̀ ẹ ò ní rí èèyàn méjì tí àwọ̀ ara wọn bára mu pátápátá, ẹnìkan dúdú tó ń dán, ẹnìkan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn tó kù wà láàárín, kò sì sí ibi tẹ́ ẹ ti lè fàlà pé ibí ni dúdú parí sí, ibí ni pupa ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, mẹ́lánììn, èròjà tó ń fún awọ ara ní àwọ̀. Àmọ́ ohun táwọn èèyàn gbà gbọ́ nípa mẹ́lánììn yìí ti tú ìgbéyàwó ká, ó ti ba awọ ara jẹ́, ó sì ti mú kí wọ́n fi ọmọ àfín sínú oòrùn, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Àṣìṣe tó bí àwọn ìyókù ni kẹ́ ẹ máa rò pé ẹni tó dúdú ní nǹkan kan lára tí ẹni tó pọ́n ò ní. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nísàlẹ̀ ìpele òkè awọ ara wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ́ mẹ́lánósáìtì, àwọn ló ń ṣe mẹ́lánììn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń pín in fún nǹkan bíi sẹ́ẹ̀lì awọ 36 tó yí i ká. Tẹ́ ẹ bá ka mẹ́lánósáìtì tó wà lápá ẹni tó dúdú jù ní Ṣágámù, tẹ́ ẹ sì ka ti òyìnbó aláwọ̀ funfun ní ibì kan náà lápá, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti àfín gan-an wà níbẹ̀. Ẹ fi wé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ méjì tí mẹ́síìnì wọn jẹ́ iye kan náà, ọ̀kan ń rán aṣọ 30 jáde lóòjọ́, èkejì ń rán 3, kì í ṣe mẹ́síìnì ló jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀.

Ohun tó yàtọ̀ ni ẹrù tí wọ́n ń di. Inú àpò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní mẹ́lánósóòmù ni mẹ́lánósáìtì máa ń di mẹ́lánììn sí kó tó gbé e fún sẹ́ẹ̀lì awọ. Lára ẹni tó dúdú àwọn àpò yẹn tóbi, wọ́n kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè ara ẹ̀, wọ́n sì máa ń bá sẹ́ẹ̀lì gòkè títí dé òkè awọ láì tíì tán. Lára ẹni tó pọ́n, àpò náà kéré, wọ́n máa ń kó jọ síbì kan, sẹ́ẹ̀lì á sì ti jẹ púpọ̀ nínú wọn run kí wọ́n tó dé òkè. Torí náà bí àpò ṣe tóbi tó, ohun tó wà nínú ẹ̀, bó ṣe tàn ká àti bó ṣe pẹ́ tó, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń para pọ̀ di àwọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú wọn sì lè pọ̀ díẹ̀ tàbí kó dín díẹ̀, ìdí tí àwọ̀ ọmọ ènìyàn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ó tún ku oríṣi. Mẹ́lánììn méjì ló wà nínú awọ: yùmẹ́lánììn tó dúdú tàbí tó rí bíi búráùn, àti fìómẹ́lánììn tó rí bíi pupa àti yẹ́lò. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì, tairosíìnì, tó máa ń wà nínú oúnjẹ bí ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ tairosináàsì ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé e lórí, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà pín sí méjì: tí èròjà míì tó ń jẹ́ sísitíìnì bá pọ̀ nítòsí, fìómẹ́lánììn ló máa dà, tí sísitíìnì bá ti tán, yùmẹ́lánììn ni. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tá a jogún lọ́dọ̀ òbí, kan tó ń jẹ́ MC1R wà lára ohun tó ń pinnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, tí MC1R bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa yùmẹ́lánììn ló máa ń pọ̀, àwọn òyìnbó onírun pupa sì ni tiwọn kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, wọ́n á ní "ẹ̀hẹ̀n, á jẹ́ pé àwọn tó pọ́n láàárín wa, mẹ́lánììn pupa ni tiwọn." Rárá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó pọ́n, yùmẹ́lánììn dúdú yẹn náà ló pọ̀ jù lára ẹ̀, ó kàn kéré sí ti ẹnìkejì ni, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré lábẹ́ awọ wá ń ráyè hàn. Oúnjẹ ò sì lè sọ ọmọ di pupa, bó ti wù kí epo pọ̀ nínú ìkọ́kọrẹ́ tó. Kárótíìnì inú epo pupa lè mú àtẹ́lẹwọ́ rí bíi yẹ́lò tí èèyàn bá ń jẹ ẹ́ lájẹjù, àmọ́ funfun ẹyinjú ò ní yí padà, tí ẹyinjú náà bá ti di yẹ́lò, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lẹ máa bẹ̀rù, ẹ gbéra lọ ọsibítù.

Èyí tó ń dun èmi jù ni àwọn tó máa ń fi àwọ̀ ọmọ wá bàbá ọmọ. Ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, mẹ́lánósáìtì ẹ̀ ò tíì máa ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, ọ̀sẹ̀ sí oṣù ló máa ń gbà kí àwọ̀ tó jókòó, ìdí nìyẹn táwọn ìyá àgbà wa ṣe máa ń wo etí ọmọ àti ẹ̀bá èékánná ẹ̀. Kí wọ́n máa wá gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ dání kí wọ́n máa sọ pé "èyí ò jọ ilé wa", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyàwó lọ́rùn sílẹ̀.

Tọ́mọ bá tiẹ̀ dàgbà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ, bàbá dúdú láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá pọ́n díẹ̀ láti Ìpẹru. Àkọ́bí wọn pọ́n ju ìyá lọ, èkejì dúdú ju bàbá lọ, ẹ̀kẹta jẹ́ àfín. Ìpàdé ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọ̀ ara pọ̀ gan-an, àmọ́ ká lè rí i kedere, ẹ jẹ́ ká fi márùn-ún péré ṣe é. Ẹ̀dà méjì-méjì lèèyàn máa ń ní nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ká sọ pé ẹ̀dà kan lè lágbára, ìyẹn ni pé ó ń mú ara dúdú, tàbí kó rọ̀. Bàbá yìí ní ẹ̀dà alágbára 7 nínú 10: nínú jíìnì méjì, ẹ̀dà méjèèjì ló lágbára, nínú mẹ́ta tó kù, ọ̀kan lágbára, ọ̀kan rọ̀. Ìyá ní 5 nínú 10, jíìnì márààrún ló jẹ́ ọ̀kan alágbára, ọ̀kan tó rọ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan ni òbí máa ń fún ọmọ, a ò sì lè yan èyí tó máa lọ. Bàbá lè fún ọmọ ní alágbára 2, ó lè fún un ní 5. Ìyá lè má fún un ní ẹyọ kan, ó sì lè fún un ní márààrún. Ọmọ tó gba 2 lápapọ̀ máa pọ́n ju ìyá ẹ̀ lọ, ọmọ tó gba 10 máa dúdú ju bàbá ẹ̀ lọ, bàbá kan, ìyá kan, kò sí àlè níbì kankan.

Ẹ̀kẹta ńkọ́, ọmọ àfín? Wọn á ní ìyá ẹ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó lóyún. Ìrìn ò fà á. Oríṣi àfín tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa adúláwọ̀, inú jíìnì tó ń jẹ́ OCA2 ló ti ń wá. Bàbá ní ẹ̀dà kan tó bàjẹ́ àti kan tó dáa, ìyá náà bẹ́ẹ̀, èyí tó dáa ń ṣiṣẹ́ torí náà kò hàn lára àwọn méjèèjì, ó sì lè ti wà nínú ẹbí láti ayé bàbá ńlá wọn. Lóyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ máa gba èyí tó bàjẹ́ láti apá méjèèjì. Tó bá gbà á, inú àpò mẹ́lánósóòmù máa kan jù, tairosináàsì kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó bá kan. Mẹ́lánósáìtì wà, àpò wà, kò kàn sí ohun tó tó láti kún un. Díẹ̀ tó rí ṣe ló jẹ́ kí irun ọ̀pọ̀ nínú wọn rí bíi yẹ́lò. Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn sì tún máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lóyún tó kàn, kì í ṣe pé tí ọ̀kan bá ti jẹ́ àfín, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ti bọ́. Ẹ má sì fi iyọ̀ dù ú, iyọ̀ ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀.

Tó bá wá kan bíbóra, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìsàlẹ̀ awọ ni mẹ́lánósáìtì wà, sẹ́ẹ̀lì òkè tẹ́ ẹ̀ ń fọ̀, tẹ́ ẹ̀ ń fi kànkàn ha, á kúrò fúnra ẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òmíràn tó ti gba ẹrù tiẹ̀ á gòkè. Kíríìmù tó ní haidrokuínóònù máa ń dí tairosináàsì lọ́wọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ara mọ́lẹ̀, àmọ́ kò fọwọ́ kan jíìnì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ tẹ́ ẹ bá sì bí, àwọ̀ tó wà nínú jíìnì yín ló máa gbé wá. Àwọn oríkèé ìka kì í sábà tẹ̀ lé ojú, ibẹ̀ la ti máa ń dá ẹni tó bóra mọ̀. Ohun tó burú jù ni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì dúdú tó dà bí ẹni pé ó fẹ́ di búlúù, níbi tí oòrùn ti ń pa á. Ọ̀pọ̀ á rò pé kíríìmù ò tíì tó, wọ́n á tún fi kún un, bẹ́ẹ̀ kíríìmù gan-an ló fà á, bí wọ́n ṣe ń fi kún un ló ń dúdú sí i, ó sì ṣòro gan-an láti mú kúrò. Àmì tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ọ́n nìyẹn: tí ọṣẹ àti kíríìmù bá ń pọ̀ sí i tí ojú ń burú sí i, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn, ẹ lọ bá dókítà awọ ara. Àwọn tí wọ́n ń pò pọ̀ lọ́jà tí orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ò sí lára ike, mákúrì lè wà níbẹ̀, kíndìnrín ló ń bà jẹ́.

Àṣìṣe tó kẹ́yìn, oòrùn. Awọ dúdú ń jẹ́ kí nǹkan bí 7 nínú 100 ìtànṣán oòrùn tó ń jẹ́ UVB kọjá sínú, awọ òyìnbó ń jẹ́ kí nǹkan bí 24 kọjá, torí náà adúláwọ̀ ní ààbò, àmọ́ kì í ṣe ààbò tó pé. Ọmọ àfín ò ní èyí tó tó òyìnbó pàápàá, kó máa bá ìyá ẹ̀ kiri ọjà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìbo orí lè di jẹjẹrẹ awọ nígbà tó bá dàgbà, pàápàá lójú, létí àti lọ́rùn. Fìlà elétí gbọọrọ, aṣọ alápá gígùn, kíríìmù oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí, kí ẹ sì fi pa etí àti ẹ̀yìn ọrùn, ibi tí wọ́n máa ń gbàgbé. Egbò tó bá wà lára ẹ̀ ju oṣù kan lọ láìjiná, ẹ má dá a tọ́jú nílé. Mẹ́lánììn sì tún wà lára ohun tí ojú nílò kó lè dàgbà dáadáa nínú oyún, torí náà ọmọ náà lè má rí bọ́ọ̀dù láti ẹ̀yìn kíláàsì, kì í ṣe olódo. Ẹ bá tíṣà sọ̀rọ̀ kó gbé àga ẹ̀ síwájú, kó má jìnnà sí bọ́ọ̀dù, kó má sì kọjú sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.