Bí a ṣe ń to nọ́ńbà àwọn abala ìwé àdéhùn tí a kó jọ láti ibi púpọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmọ̀tà. Onílé fi ìwé ti ọdún tó kọjá sílẹ̀, nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 1, 1.1, 1.2. Lọ́yà ayálégbé fi ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé kún un, (a) àti (b) ni ó lò. Èyí tó kù gba orí Wọ́ọ̀sáàpù wọlé. Nígbà tí wọ́n lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, abala 4 di méjì, a ò sì rí 5 mọ́.

Àwọn tó ń bá èèyàn tẹ̀wé á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n kàn fọwọ́ tún un tẹ̀." Ó ṣeé ṣe o, àmọ́ kí onílé tó tọwọ́ bọ̀wé, á ní kí wọ́n fi abala kan sí àárín, gbogbo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ á sì tún bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ni kó máa ka nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Word ni mo fi ń ṣe é níbí.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, ẹ wá gbogbo ibi tí abala kan ti tọ́ka sí òmíràn. Nínú ìwé wa yìí, abala 6 sọ pé: "bí ayálégbé kò bá san owó tí a kọ sí 3.2". Nínú ìwé àtijọ́, owó ilé ni 3.2. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe bá wọ àárín, ọ̀dà kíkùn lè di 3.2, owó ilé á sì bọ́ sí 4.2. Bí ẹ kò bá tún un ṣe, ohun tí ìwé yín ń sọ ni pé wọ́n lè lé ayálégbé jáde torí ọ̀dà. Ẹ kọ "owó ilé" sí ẹ̀gbẹ́ 3.2 yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tuntun pẹ̀lú Keep Text Only. Àwọn nọ́ńbà àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ má tíì pa wọ́n rẹ́. Ẹ wá fi àwọ̀ yẹ́lò kun 3.2 tí ẹ kọ "owó ilé" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+8 kí àmì ìparí ìlà lè hàn. Ibi tí ẹ bá ti rí ọfà kékeré dípò ¶, Word kò kà á sí ìpínrọ̀ tuntun, kò sì ní fún un ní nọ́ńbà. Ẹ ṣí Ctrl+H, kí ẹ fi `^p` rọ́pò `^l`.

Ó wá kan nọ́ńbà gan-an. Nínú Home, ẹ tẹ Multilevel List, kí ẹ mú èyí tó ní 1 Heading 1, 1.1 Heading 2, 1.1.1 Heading 3. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí àkọlé abala, kí ẹ tẹ Ctrl+Alt+1. Fún ẹ̀ka abẹ́ rẹ̀, Ctrl+Alt+2. Fún ẹ̀ka inú ẹ̀ka, Ctrl+Alt+3. Lẹ́tà lè di ńlá aláwọ̀ búlúù. Ẹ lọ sí Modify lórí sítáì náà, kí ẹ dá a padà sí dúdú.

Ní báyìí nọ́ńbà á jẹ́ méjì lórí ìlà kan, tuntun àti àtijọ́. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ dá àtijọ́ sí nìyẹn: òun ló ń sọ fún yín pé ẹ̀ka ni ìlà yìí, kì í ṣe àkọlé. Bí ẹ bá retí 4.1 tí ẹ rí 3.5, àkọlé abala 4 ni kò tíì gba Heading 1. Ẹ má lọ tẹ Restart at 1 láti fi bo àṣìṣe yẹn o. Ẹ padà lọ tún àkọlé náà ṣe.

Tó bá ti gún, ẹ yọ àtijọ́ kúrò. Nínú Ctrl+H, ẹ tẹ More, kí ẹ yan Use wildcards, kí ẹ wá èkíní fún nọ́ńbà, èkejì fún lẹ́tà, kí ẹ sì fi àyè ìrọ́pò sílẹ̀ lófìfo:

```
[0-9.]@^t
\([a-z]\)^t
```

Ẹ máa tẹ Replace lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe tẹ Replace All, torí tábìlì owó ìdíyelé lè ní iye tí Tab tẹ̀ lé, yóò sì pa á rẹ́. Èyí tó jẹ́ àyè lásán ló tẹ̀ lé e, ẹ fọwọ́ pa á.

Ẹ wá padà sídìí àwọn yẹ́lò. Ẹ pa 3.2 àti "owó ilé" ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́, ẹ lọ sí References, Cross-reference, ẹ yan Numbered item àti Paragraph number, kí ẹ sì mú ìlà owó ilé. 4.2 á jáde. Ìgbàkígbà tí abala bá wọlé tàbí jáde, ẹ tẹ Ctrl+A, lẹ́yìn náà F9. Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di PDF, ẹ wá ọ̀rọ̀ `Error!` nínú ìwé náà: ibi tó bá wà, ẹnì kan ti pa abala tí ẹ ń tọ́ka sí rẹ́.