Ẹ Má Mú Lọ́ọ̀gì Èrè, Ẹ Mú Lọ́ọ̀gì Gbogbo Owó Yín

Ó ti sú mi láti máa rí ohun kan náà. Àbúrò kan tí mò ń kọ́ bí a ṣe ń fi lọ́ọ̀gì wọ̀n bí owó ṣe níyì tó lójú ẹni tó ń bẹ̀rù ewu gbé ìṣirò wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, tẹ́tẹ́ yìí dáa." Kò dáa rárá.

1. Ẹ̀ ń mú lọ́ọ̀gì èrè, ẹ sì ń gbàgbé owó tó wà nílẹ̀. Ọmọ yìí ní ₦100,000. Wọ́n á ju owó ẹyọ sókè: bí ojú kan bá hàn, á jẹ ₦80,000, bí èkejì bá hàn, á pàdánù ₦55,000. Ó tẹ LN(-55000) sínú Excel, #NUM! jáde. Dípò kó béèrè ohun tó fà á, ó yọ àmì àyọkúrò kúrò! Ẹ gbọ́ ná, owó tó máa kù lọ́wọ́ ni lọ́ọ̀gì ń wọ̀n: ₦180,000 tàbí ₦45,000.

```
=EXP(0.5*LN(180000)+0.5*LN(45000))
```

Ó jẹ́ ₦90,000. Owó ìdánilójú rẹ̀ nìyẹn: bí wọ́n bá gbé e lé e lọ́wọ́ láìta tẹ́tẹ́, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ìpíndọ́gba jẹ́ ₦112,500, nítorí náà owó ewu, ìyẹn ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, jẹ́ ₦22,500. ₦90,000 kò tó ₦100,000 tó ti ní tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fipá mú un ta á, ó yẹ kó lè san tó ₦10,000 kí wọ́n lè fi í sílẹ̀.

Ẹ wá gbé tẹ́tẹ́ kan náà fún ẹni tó ní ₦1,000,000. Owó ìdánilójú di nǹkan bíi ₦1,010,247, owó ewu kò ju ₦2,253 lọ. Kó ta á! Ẹni tó bá bi mí pé "ṣé tẹ́tẹ́ yìí dáa?" láìsọ iye tó wà lápò rẹ̀, mo kàn máa ń wò ó ni.

2. LN tàbí LOG10, kò sí ìjà, bí ẹ bá ti gba ọ̀nà tí ẹ bá lọ padà: EXP fún LN, 10^ fún LOG10.

3. Àìpadà rárá. Tèmi nìyí: nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kọ 11.41 fún oníbàárà gẹ́gẹ́ bí owó ìdánilójú rẹ̀. Ó ní ṣé owó piọ́ wọ́tà ni.

Èyí tó kù, ẹ bá mi kà á: ọ̀nà àbùjá láti rí owó ewu. Èsì kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ìpíndọ́gba ní ₦67,500. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi ìlọ́po méjì ìpíndọ́gba owó pín in. Fún olówó mílíọ̀nù, ó mú ₦2,250 wá, ó sún mọ́ ọn gan-an. Fún àbúrò mi, ₦20,250 ló mú wá dípò ₦22,500. Bí tẹ́tẹ́ bá tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò, ẹ má gba àbùjá.

Lánàá ó tún gbé òmíràn dé: èrè ₦500,000, àdánù ₦100,000. LN(0) tún mú #NUM! jáde. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, Excel ti dá a lóhùn.