Bí a ṣe ń fi sólà gbé fírísà, iná àti fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré

Fírísà ló ń jẹ bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe gílóòbù tàbí fóònù. Tó bá jẹ́ omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ ń tà, ẹ jẹ́ kí fírísà máa ṣiṣẹ́ nígbà tí oòrùn bá ń ràn nìkan, bátìrì kan á sì tó yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn fírísà. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń lo 120 wáàtì. Mọ́tò rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́, ó máa ń sinmi. Ẹ kà á sí ìdajì àkókò. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ di mẹ́sàn-án àárọ̀, ó máa gba nǹkan bíi 960 wáàtì-wákàtí. Gílóòbù mẹ́ta oní-7 wáàtì, tí a tàn fún wákàtí mẹ́rin, kò gbà ju 84 lọ. Bátìrì olómi tí wọ́n kọ 12V 100Ah sí lára gba 1200, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀, 600, ni kí ẹ máa lò, kó má baà tètè bàjẹ́. Fírísà nìkan ti ju agbára rẹ̀ lọ lóru.

Nítorí náà, yìnyín ni kí ẹ fi pa òtútù mọ́. Ẹ rọ omi sínú ìgò oníke, ẹ má jẹ́ kó kún dé ẹnu nítorí omi máa ń wú tó bá dì, kí ẹ fi dí gbogbo àyè tó ṣófo nínú fírísà. Láàárọ̀ ni kí ẹ kó ọjà tí kò tíì tutù sí i. Aago mẹ́sàn-án, ẹ tan án, kí ẹ sì yí i sí ibi tó tutù jù. Ẹ máa ṣáájì fóònù láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́ta. Tí ìkùukùu bá ṣú, ẹ dá fóònù dúró, kí fírísà máa lọ. Aago márùn-ún, ẹ pa á, ẹ má sì máa ṣí i ṣáá.

Fírísà wákàtí mẹ́jọ láìsinmi (960), fóònù mẹ́wàá (bíi 250) àti iná (84) jẹ́ nǹkan bíi 1300. Páńẹ́lì méjì oní-250 wáàtì, níbi tí oòrùn ti ń fúnni ní ohun tó tó wákàtí mẹ́rin tó mú dáadáa, ń mú 2000 wá. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ máa ń ṣòfò, ó ku 1500.

Ínfátà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí mọ́tò bá fẹ́ gbéra, ó máa ń fa ìlọ́po mélòó kan 120 yẹn, nítorí náà ẹ ra oní-1000 wáàtì. Tí fírísà bá kùn, tó dún "kà", tó sì dákẹ́, ínfátà kò lè gbé e. Ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tún tan án.

Láti mọ̀ bóyá òtútù náà dúró títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ fi owó ẹyọ sórí omi tó ti dì nínú kọ́ọ̀bù, kí ẹ gbé e sínú fírísà. Tí owó bá ti rì sísàlẹ̀ lówùúrọ̀, yìnyín ti yọ́: ẹ fi ìgò kún un, kí ẹ sì yẹ rọ́bà ẹnu ìdérí wò.

Ẹran, ẹja àti áísìkirîmù kò sí nínú ètò yìí, torí wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù -18°C tọ̀sán-tòru. Fún ìyẹn, ẹ ra bátìrì méjì àti páńẹ́lì mẹ́ta.