Nígbà tí ọwọ́ ọmọ bá ń gbọ̀n nídìí tábìlì: ìtọ́sọ́nà fún òbí àti kóòṣì àdúgbò

Ọmọ àbúrò mi kan ń gbá tẹníìsì orí tábìlì. Ọmọ ọdún 13 ni, ó sì ń na àwọn àgbàlagbà àdúgbò wa bó ṣe wù ú. Níbi ìdíje kan, ó ti ń ṣíwájú 10 sí 7 nínú géèmù karùn-ún, òun náà ló ní sáàfù lọ́wọ́. Pọ́ìntì kan péré ló kù. Ó sáré ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀, kò nu ọwọ́, kò wo ibì kankan, ó sáàfù, bọ́ọ̀lù sì kọ́ nẹ́ẹ̀tì. Sáàfù bọ́ sọ́wọ́ ẹni kejì, ó gba pọ́ìntì méjèèjì, ó di 10 sí 10. Nígbà tí sáàfù padà sọ́wọ́ ọmọ wa, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé agbára káká ni bọ́ọ̀lù fi kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òfin sì ní kí bọ́ọ̀lù sáàfù fò sókè tó sẹ̀ǹtímítà 16, ó kéré tán. Rẹfirí na ọwọ́ sókè, ó fún ẹni kejì ní pọ́ìntì. Ẹni kejì tún jẹ pọ́ìntì tó tẹ̀ lé e. Bó ṣe pàdánù 12 sí 10 nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ ní ojo ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ojo rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Bí ìdíje bá gbóná, ara a máa tú họ́mọ́ọ̀nù kan jáde tí wọ́n ń pè ní adirẹnalíìnì. Òun ló ń mú kí àyà máa lù kìkì, kí àtẹ́lẹwọ́ máa làágùn, kí iṣan sì le. Ẹni tó fẹ́ sáré ọgọ́rùn-ún mítà lè rí i lò. Ṣùgbọ́n nínú tẹníìsì orí tábìlì, ọrùn ọwọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ sáàfù. Bí ọmọ bá ti di báàtì mú pinpin, ọrùn ọwọ́ ò ní yí mọ́, bọ́ọ̀lù á lọ kọ́ nẹ́ẹ̀tì tàbí kó fò kọjá tábìlì.

Ìkejì ni pé ọkàn ọmọ ti kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ní 10 sí 7, ife-ẹ̀yẹ ló ń rò, tàbí ohun tí wọ́n máa sọ nílé.

Ẹ lè rí i látòkèèrè kó tó bàjẹ́. Ẹ wo èjìká rẹ̀ bóyá ó ti gòkè lọ bá etí. Ẹ wo bó ṣe ń yára: ọmọ tó ń fara balẹ̀ láàárín pọ́ìntì kan sí èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í sáàfù kí ẹni kejì tó dúró dáadáa. Èyí tó ń yára yìí ni mo kà sí àmì tó dájú jù.

Ohun tí ọmọ lè máa ṣe láàárín pọ́ìntì

Ohun mẹ́rin ni mo kọ́ ọmọ yẹn. Bí pọ́ìntì bá ti parí, yálà ó jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́, kó kẹ̀yìn sí tábìlì, kó sì wo rọ́bà báàtì rẹ̀. Kó fa èémí símú, kó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Kó wá fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu títí ó fi ka márùn-ún, bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná. Èémí tó ń jáde gbọ́dọ̀ gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, torí òun ló ń dẹ àyà tó ń lù kìkì. Lẹ́yìn náà, kó sọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ sínú ara rẹ̀: "Igun òsì, kó gùn." Kò gbọ́dọ̀ sọ pé "má jẹ́ kó kọ́ nẹ́ẹ̀tì", torí nẹ́ẹ̀tì náà ni ojú rẹ̀ máa lọ bá. Ìkẹrin, kó gbé bọ́ọ̀lù sí àtẹ́lẹwọ́ tó là sílẹ̀, kó sì wò ó kó tó jù ú sókè. Òfin sáàfù fúnra rẹ̀ ló ní kí bọ́ọ̀lù dúró jẹ́ẹ́ lórí àtẹ́lẹwọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bá ọmọ jà lórí ìyẹn.

Gbogbo rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ. Bó bá ń fa á gùn, rẹfirí á kìlọ̀ fún un. Bí òógùn bá pọ̀, òfin fàyè gba aṣọ ìnura lẹ́yìn pọ́ìntì mẹ́fà-mẹ́fà. Kó lò ó, kódà bí òógùn ò bá yọ.

Àwọn òbí a máa kọ́ ọmọ ní èyí láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níbi ìdánrawò, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ géèmù láti 8 sí 8, kí ẹni tó bá pàdánù ṣa gbogbo bọ́ọ̀lù ilẹ̀. Ìyà kékeré yẹn tó láti mú àyà já díẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ á ti mọ́ ọn lára.

Àfojúsùn tí ọwọ́ ọmọ lè tó

Gbogbo ọmọ tó ń di báàtì mú ló fẹ́ dà bíi Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà lára àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn lè ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Kódà "mo fẹ́ borí" ò sí lọ́wọ́ ọmọ nìkan, torí ẹni kejì náà wá láti borí.

Ẹ ra ìwé àjákọ kékeré kan fún un. Ọmọ àbúrò mi sáàfù 20 sí igun òsì, 11 ló bọ́ síbi tó fẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi 13 ṣe ti ọ̀sẹ̀ kejì. Àfojúsùn ọjọ́ ìdíje tiẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: "Mo máa kẹ̀yìn sí tábìlì lẹ́yìn gbogbo pọ́ìntì." Bó bá délé, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í, kẹ́ ẹ tó béèrè ẹni tó borí.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje

"Má bẹ̀rù" ò ran ọmọ lọ́wọ́, torí ó ti ń bẹ̀rù. Ẹ sọ fún un pé àyà tó ń já yẹn, ara ló ń múra sílẹ̀. Kó jẹun ní bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú, oúnjẹ tí kò wúwo tó sì ti mọ́ ọn lára. Ẹ fi iyán sílẹ̀ di alẹ́. Nígbà tó bá sì ń gbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa pariwo pọ́ìntì tó kù fún un láti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan wà tí gbogbo èyí ò ní tó fún. Ọmọ tó ń bì ṣáájú gbogbo ìdíje, tí kì í rí oorun sùn fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí tó ń sunkún pé òun ò lọ mọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnì kan ń nà án tàbí ń bú u bó bá pàdánù. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ọmọ àbúrò mi tún lọ síbi ìdíje lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó di 9 sí 9 nínú géèmù tó kẹ́yìn. Ó kẹ̀yìn sí tábìlì, mo rí èjìká rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀, ó sáàfù sí igun òsì, bọ́ọ̀lù sì bọ́ síbi tó fẹ́ gẹ́lẹ́. Ẹni kejì gbá a padà, òun ló sì jẹ pọ́ìntì náà. Ó jẹ èyí tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú, ọmọ wa sì pàdánù. Nínú mọ́tò, kó tó sọ pé ebi ń pa òun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbàgbé láti kẹ̀yìn."